Ẹ Má Béèrè Ìgbéyàwó, Ẹ Béèrè Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Àtẹ̀jíṣẹ́ Sí Ẹni Tí A Ti Ń Fẹ́ Tipẹ́

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé kan, aago mọ́kànlá ti kọjá, àbúrò mi obìnrin kan na fóònù rẹ̀ sí mi nínú yàrá rẹ̀ ní Yàbá. Ó ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sórí Wasáàpù, kò tíì fi ránṣẹ́. Ó ní kí n bá òun kà á. Ọdún kẹrin rèé tí òun àti ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Marínà ti ń fẹ́ra. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀ lójúkojú ni nǹkan máa ń dí i lọ́wọ́: oúnjẹ á dé, fóònù á dún, tàbí kí ọmọkùnrin náà dá àpárá, kí àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ó tán. Ohun tó wá kọ nìyí:

"Ó dà bíi pé o ò mọ̀ pé mò ń dàgbà. Ọdún mẹ́rin rèé, gbogbo àwọn tá a jọ jáde ilé ìwé ló ti wà nílé ọkọ. Ojoojúmọ́ ni Mọ́mì ń bi mí, mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fún wọn mọ́. Tó bá jẹ́ pé o ò ní fẹ́ mi, sọ ọ́ kí n tètè wá nǹkan ṣe. Ìgbà wo gan-an la máa ṣe ìgbéyàwó?"

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ránṣẹ́. A fi bíi wákàtí kan àbọ̀ tún un kọ, ohun tá a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, pẹ̀lú àwọn nǹkan tí mo ti rí lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ béèrè

"Ìgbà wo la máa ṣe ìgbéyàwó?" dà bí ìbéèrè kan ṣoṣo, àmọ́ bí ìbéèrè márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Lójú ọmọkùnrin tó ń gba owó oṣù ní Èkó, tó sì ti jẹun ní òde tó pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ìgbéyàwó ni gbọ̀ngán, aṣọ ẹbí, alága ìdúró àti alága ìjókòó, oúnjẹ fún ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, onílù, àti ilé tuntun tí wọ́n máa kó sí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bó bá ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń ṣírò owó lọ́kàn, ẹni tó bá sì ń ṣírò owó kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Mo wá bi àbúrò mi pé kí ló ń dùn ún gan-an. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní kì í ṣe gbọ̀ngán. Ó ní ọdún mẹ́rin, kò sí ẹnì kan nínú ẹbí ọmọkùnrin náà tó tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá òun. Ó jẹ́ pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ló ń wá. Ìyẹn ni kó béèrè. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí ẹ béèrè. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ ná. Ó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ yín láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí i, ó sì ṣòro fún ẹni tí kò fẹ́ yín láti fi owó bojú.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ mú bébà, kí ẹ ka oṣù láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ká ní oṣù Kejìlá ló wù yín. Tó bá jẹ́ rejísìrì ni ẹ máa lọ, ti Ìkòyí tàbí ibòmíì, òfin ìgbéyàwó ní kí ìwé ìkéde wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 21 kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó náà láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ fi ìwé ìkéde sílẹ̀. Ẹ ò lè lọ fi sílẹ̀ lóṣù Karùn-ún nítorí oṣù Kejìlá. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ẹ̀kọ́ fún àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ tó pọ̀. Yìgì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn òbí ní láti pàdé kí wọ́n tó dá ọjọ́ fún un. Ìdána náà ní ètò tirẹ̀, ẹbí ìyàwó á kọ ìwé ẹrù, ẹbí ọkọ á lọ rà á díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ka gbogbo ìyẹn sẹ́yìn, ẹ máa rí i pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹ kó ti wáyé ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìbéèrè yín ní ìdí tó ju pé ọjọ́ ń lọ. Bébà yẹn ò gbọ́dọ̀ wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ o. Tiyín ni.

Nǹkan kan ṣì wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú: jẹ́nótáìpù. Tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá tíì ṣe àyẹ̀wò náà, ẹ lọ ṣe é kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ AS àti AS ni yín, gbogbo oyún tí ẹ bá ní ló ní àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa jókòó sọ sì máa yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan.

Ẹ yọ àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yin méjèèjì kúrò níbẹ̀

A padà sórí ohun tí àbúrò mi kọ. Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀? Àwọn ọ̀rẹ́ ilé ìwé wà níbẹ̀. Mọ́mì wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin mìíràn tí kò tíì sí náà wà níbẹ̀, nítorí "kí n tètè wá nǹkan ṣe" ò ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tó ń kà á máa bẹ̀rẹ̀ sí í jà pẹ̀lú àwọn wọ̀nyẹn. Á ní Mọ́mì ló ń ti àbúrò mi. Á ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣègbéyàwó lọ́dún tó kọjá ti padà sílé bàbá ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá máa parí ìyẹn, ìbéèrè tiẹ̀ ti sọnù.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni pé ìyá ń bi wá. Ìyá ta ni kì í béèrè? Ẹ fi ti Mọ́mì pamọ́ di ọjọ́ tí ẹ bá jókòó, kí ẹ fẹnu sọ ọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Lórí fóònù, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n rán yín níṣẹ́.

A tún wo ẹni tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. "O ò mọ̀", "o ò ní fẹ́ mi": ẹ̀sùn ni méjèèjì, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn á wá àwíjàre dandan. A yí gbogbo rẹ̀ sí "mo": ó wù mí, mo fẹ́ mọ̀, mo rí i. "O" kan ṣoṣo tá a fi sílẹ̀ ni ibi tó ti ń sọ nǹkan rere tí ọmọkùnrin náà ṣe.

Bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́

Èdè wa lè tú èèyàn fó níbí. Tó bá jẹ́ "o" ni ẹ máa ń pè é, tí ẹ wá ṣàdédé kọ "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀", ó ti mọ̀ pé ìjà dé. Tó bá sì jẹ́ pé ó jù yín lọ dáadáa, tó jẹ́ "ẹ" ni ẹ máa ń lò fún un, ẹ má tìtorí pé ọ̀rọ̀ ń ká yín lára fà á wálẹ̀ sí "o" lọ́jọ́ yìí.

Oríkì dára gan-an. Àbúrò mi máa ń pe tiẹ̀ ní Àjàní tí inú rẹ̀ bá dùn, Àjàní náà la sì fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ "olówó orí mi" ò yẹ níbẹ̀. Kò tíì san owó orí kankan, òun náà mọ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí gan-an, ó ti di pé ẹ ń bi í ní gbèsè.

Ẹ má pa òwe. Mo fẹ́ràn òwe, bàbá mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àgbà ló ń fi òwe bá ọmọdé wí. Tí ẹ bá pa á fún ẹni tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jẹ súyà lójú títì, àga ìdájọ́ lẹ ti gùn yẹn.

Ẹ má sì kọ "mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀" kí ẹ wá dákẹ́. Gbólóhùn yẹn nìkan lè mú kí ọkùnrin má sùn mọ́jú. Ẹ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ láti ìlà kejì, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ohun tó wá jáde nígbẹ̀yìn

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tún un kọ. Èyí tó lọ nìyí, mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó fi í síbí:

"Àjàní, o kú iṣẹ́ òní. Kò sí wàhálà kankan o, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kan ló ti ń wà lọ́kàn mi, tó wù mí kí n sọ. Lọ́jọ́ tó o tẹ̀lé mi lọ wo Dádì ní ọsibítù, tó o jókòó tì wọ́n tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú, ó dá mi lójú pé ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́. Ó wù mí kí àwọn ẹbí wa mọra wọn lọ́dún yìí. Ètò ńlá kọ́ ni mò ń sọ, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìkan ni. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lọ́kàn tìẹ: ṣé ó ṣeé ṣe lọ́dún yìí, àbí nǹkan kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ yanjú? Má dá mi lóhùn lórí fóònù. Jẹ́ ká pàdé ní Sátidé, aago mẹ́rin, ní Fúrídọ̀mù Páàkì, ká jọ sọ ọ́."

Ẹ wo bó ṣe tò. Ọjọ́ kan pàtó tí ọmọkùnrin náà ṣe dáadáa ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kì í ṣe "o jẹ́ èèyàn dáadáa", tí a lè kọ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó wù ú ló tẹ̀ lé e, láìfi ṣe àwàdà. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan, kan péré. A dìídì fi apá kejì ìbéèrè yẹn síbẹ̀, "nǹkan kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ yanjú", nítorí ó ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ìṣòro wà lọ́rùn rẹ̀ láti wọlé láìtijú. Ọjọ́, aago àti ibi tí wọ́n ti máa pàdé ló parí rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ò lè parí ọ̀rọ̀ báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé e dé ibi tí ẹ ti máa jókòó.

Àbúrò mi ò fẹ́ràn Fúrídọ̀mù Páàkì. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kí òun ti lọ béèrè ọkọ ni? Òótọ́ ni, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìgbà àwọn òyìnbó ni wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 2010. Ṣùgbọ́n àga wà lábẹ́ igi, ariwo Bíróòdù Sítíríìtì ò fi bẹ́ẹ̀ dé inú, kò sì sí ẹni tó máa wá bá wọn jókòó. Ilé ọ̀rẹ́ ò dára fún un, ilé oúnjẹ tí orin ti ń pariwo náà ò dára. Àwọn tó wà lápá Akọ́kà lè lọ sí etí ọ̀sà nínú Yunifásítì Èkó.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ

Ẹ má fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde ìgbéyàwó ẹlòmíì dé. Ẹ má fi ránṣẹ́ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́: ó wà lórí ìlà bọ́ọ̀sì ní CMS nígbà yẹn, tàbí ó dúró nínú ọkọ̀ lórí Tọ́ọ̀dù Méńlàǹdì, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń bá a ka fóònù rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́rú ni ti àbúrò mi lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tí ọmọkùnrin náà ti sọ pé òun ti jẹun, iná sì wà. Ọjọ́rú sí Sátidé jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó tó láti ronú, kò sì pọ̀ débi tí ọ̀rọ̀ á fi tutù.

Àsìkò kan wà tí kò yẹ kí ẹ kọ ọ́ rárá: tó bá ń ṣọ̀fọ̀, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ fún un ní oṣù kan. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, pé ọwọ́ rẹ̀ ti kàn yín rí, ẹ má kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Ọ̀dọ̀ ẹbí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Àṣìṣe tó wà nínú lẹ́tà, Wasáàpù fún yín ní ìṣẹ́jú 15 láti fi `Edit` tún un ṣe. Ẹ má pa á rẹ́, torí ó máa rí i pé ẹ pa nǹkan kan rẹ́, èyí tó bá sì rò pé ẹ pa rẹ́ máa burú ju ohun tí ẹ kọ lọ. Ẹ má fi fọ́ìsì oníṣẹ́jú mẹ́fà tì í lẹ́yìn. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àwọn ọkùnrin tó ń fi àkókò obìnrin ṣòfò sórí sítétọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ ẹni tó ṣe é.

Èsì tó lè dé

Èsì ọmọkùnrin yìí dé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú: "Mo ti rí i. Sátidé dáa." Inú bí àbúrò mi. Ó ní gbogbo ohun tí òun kọ, ọ̀rọ̀ márùn-ún-mẹ́fà ló fi dáhùn! Mo ní èsì tó dára jù nìyẹn. Ó gba ọjọ́. Ẹni tó kọ ojú ìwé méjì tí kò mẹ́nu ba Sátidé ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù.

Tó bá ní "ṣé wọ́n ń yọ ẹ́ lẹ́nu nílé ni?", ẹ kọ ìlà kan: "Rárá, èmi ni mo fẹ́ mọ̀. Sátidé ṣì wà?" Tó bá dákẹ́, ẹ dúró di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ béèrè nípa ibi tí ẹ ti fẹ́ pàdé nìkan. Tó bá ní "jẹ́ ká máa wò ó", ẹ bi í pé ọjọ́ wo. Tí ó bá tún fèsì lẹ́ẹ̀kejì láìdá ọjọ́, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èsì náà ò dùn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni "owó ni". Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ bi í pé owó kí ni. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nínú pálọ̀ yín, tí èèyàn mẹ́wàá wá pẹ̀lú èso, mímu àti ìkòkò ìrẹsì kan, ò lè jẹ́ gbèsè fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ owó ilé ni, ìyẹn lágbára lóòótọ́ ní Èkó, pẹ̀lú owó ajẹ́ńtì àti owó àgírímẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2011 ní onílé ò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà ò dé Ìkòyí, Fíkìtóríà Áílàǹdì, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Owó ọdún kan ni kí ẹ jọ fi ṣírò, kì í ṣe méjì. Àmọ́ ilé ò gbọ́dọ̀ dá mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró, àyàfi tí ẹnì kan bá fẹ́ kó dá a dúró.

Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ oṣù tí ẹ̀yin fúnra yín ò ní dúró kọjá kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn bébà yẹn. Ẹ má sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí ìhàlẹ̀, ẹ má sì sún un síwájú nítorí pé ó ra fóònù fún yín.

Ní Sátidé, owó ò jáde lẹ́nu ọmọkùnrin náà rárá. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú ẹbí wá sílé wa, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń gbé, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìsìnkú bàbá náà, nítorí ilẹ̀ kan. Ojú ti í láti sọ fún àbúrò mi pé òun ò ní àgbà tí òun lè mú wá. Ọdún mẹ́rin ló fi ń dá àpárá lé e lórí.

Wọ́n dá ọjọ́ Sunday kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà yẹn, láti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá náà. Wọ́n ra ìgò sínáàpù kan ní Báálógùn, wọ́n fi bébà wé e. Ìgbà tí àbúrò mi pè mí láti gáréèjì Ìjẹ̀bú, ìjà tí wọ́n ń jà ni ta ló máa gbé ìgò náà wọlé.